Etí Kan Tó Dédé Dí: Ìdọ̀tí Ni, àbí Iṣan?

Etí kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé, èyí tó dédé dí tàbí tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, obìnrin ẹni ọdún 45. Ara rẹ̀ le nígbà tó sùn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, etí òsì rẹ̀ dí bí ẹni pé wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́, ó sì ń hó wíì. Kò dùn ún, kò sì ṣọyún. Ó gbé fóònù sí etí náà, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Aládùúgbò rẹ̀ ní ìdọ̀tí ni, kó fi ìyẹ́ adìẹ fà á jáde. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sétí, ó ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Ìmọ̀ràn aládùúgbò yẹn kò ṣàdédé wá, torí ìdọ̀tí ló sábà máa ń dí etí. Etí fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, etí náà ló sì máa ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Àwa tí à ń ki ìyẹ́ adìẹ, ìdérí bírò tàbí igi olówùú bọ etí la máa ń tì í padà sínú. Bí omi bá wá kàn án níbi ìwẹ̀, á wú, á sì dí ihò náà pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé lẹ́yìn ìwẹ̀ ni, tàbí lẹ́yìn tí ẹ họ etí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí etí kò ṣọyún, tí ìlù rẹ̀ kò sì lu rí, ẹ lè máa kán òróró ólífì ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 3 sí 5. Bí kò bá là, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yọ ọ́.

Omi kò wọ etí olùkọ́ wa, kò sì họ ọ́. Ohun kan wà tó lè ṣe nílé láìná kọ́bọ̀: kó pa ẹnu dé, kó sì kùn sínú, "hùùùn", kó wá fetí sí ibi tí ìró náà ti ròkè jù. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ló dí ọ̀nà etí, inú etí tó dí gan-an ni ìró yẹn á ti pọ̀ jù, nítorí egungun orí ló gbé e débẹ̀, kò sì rọ́nà jáde. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, tàbí inú etí lọ́hùn-ún ló kọṣẹ́, etí tó dá ni ìró á sá lọ. Olùkọ́ wa kùn, etí ọ̀tún ló ti gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò yìí lè ṣini lọ́nà o, kò sì gba iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ó tó láti mú un kúrò ní kẹ́mísì.

Ó dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà wo inú etí, ó rí ìdọ̀tí díẹ̀, ó sì yọ ọ́. Síbẹ̀, obìnrin náà kò gbọ́ràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: pé a rí ìdọ̀tí nínú etí kò fi hàn pé òun ló fa dídí náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ìgbọ́ràn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé iṣan ni.

Lára ẹni mẹ́wàá tí irú èyí bá ṣe, a kì í sábà mọ ohun tó fà á lára bíi mẹ́sàn-án. Ìgbọ́ràn àwọn kan máa ń padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè mọ ta ni. Oògùn tí à ń lò ni prẹdinisolóònù, tó lè tó mílígíráàmù 60 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti lágbára jù, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ má fọwọ́ ara yín rà á: ó máa ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀. Ẹni tí kò lè lò ó, dókítà lè gún un ní abẹ́rẹ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ gba inú ìlù etí. Wọ́n tún máa ń ya àwòrán orí lẹ́yìn náà, torí kókó kékeré lórí iṣan etí lè bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Bí ojú bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí òòyì ń kọ́ni débi pé a kò lè dìde, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé bí etí kan bá dédé dí, tí kì í ṣe lẹ́yìn omi, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má kàn sọ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì pé etí ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ sọ ọjọ́ tó dí àti wákàtí tó dí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró.