Ohun Tí Ìwé Ìṣúná Ń Wí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni bí oníròyìn ṣe ń wá ìròyìn nínú ìwé ìṣúná ìjọba.

Iye owó kan ṣoṣo kì í ṣe ìròyìn, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ìgbà tí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú àbá ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2016, bílíọ̀nù 3.87 náírà ni a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe ní ilé-ìwòsàn Ilé Ààrẹ ní Àbújá. Àwọn oníròyìn ṣírò ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá 16 tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ti Ilé Ààrẹ nìkan ju àpapọ̀ tiwọn lọ! Àfiwé yìí ni ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n fi wé iṣẹ́ àkànṣe. Bí a bá da owó oṣù òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, àfiwé náà yóò yí padà. Oníròyìn gbọ́dọ̀ sọ irú owó tí òun ń kà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà yìí wá sí ilé. Ká ní ọmọ Ìta-Ògbólú kan fẹ́ mọ ohun tí a kọ fún ìlú rẹ̀ nínú tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé kan lè kọ ITA-OGBOLU, èkejì ITAOGBOLU, ẹ̀kẹta ITA OGBOLU. Bí ó bá wá ọ̀kan, yóò pàdánù ìyókù. OGBOLU nìkan ni kí ó wá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jáde. Kí ó tún wá AKURE NORTH, nítorí iṣẹ́ ìlú náà lè wà lábẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kó àwọn ìlà tí ó rí sí ojú kan, kí ó sì ro wọ́n pọ̀:

```
=SUM(D2:D40)
```

Ewu méjì wà níbẹ̀. Òǹkà tí kọ̀ǹpútà bá kà sí ọ̀rọ̀ lásán, yóò fò ó, àròpọ̀ yóò sì kéré. Bí ìlà àròpọ̀ bá sì wà láàrin àwọn ìlà náà, owó kan náà yóò di ìlọ́po méjì. Kí ó fi ọwọ́ ṣírò ìlà díẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ìlérí ni ìṣúná, kì í ṣe owó tí a ti ná. Kí ó kọ̀wé béèrè ẹ̀rí owó tí a san, lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tí a ní iṣẹ́ náà wà.

Bí ó bá wá jókòó láti kọ̀wé, kí ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ṣíwájú, kí iye owó tẹ̀lé e, kí èsì ìjọba sì wà níbẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde.