Ètò Ojú Ewé Kan fún Iléèwé Tó Ń Wá Ọmọ Tuntun

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní iléèwé aládàáni ní Ẹgbẹ́dá sọ)

Wọ́n ní kí n sọ bí iléèwé ṣe lè lo ìkànnì ayélujára kí àwọn òbí lè máa wá béèrè ààyè fún ọmọ wọn. Àga tó bá ṣófo ní Oṣù Kẹsàn-án, owó oṣù tíṣà ló máa kọ́kọ́ kàn. Ètò tí mo fẹ́ ká kọ kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ, kí ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Ẹ kọ iye ọmọ tí ẹ ń wá sókè ewé náà. Ẹ má kọ "ọmọ púpọ̀". Ká ní iléèwé kan wà lọ́nà Akówonjo tí àga 20 ṣófo ní nọ́sìrì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ìdajì àwọn òbí tó wá wo iléèwé ló ń sanwó, òbí 40 ló gbọ́dọ̀ wá wò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta tó béèrè ló ń wá, ìbéèrè 120 lẹ nílò. Láti ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹfà dé ìparí Oṣù Kẹjọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn ìbéèrè 10 lọ́sẹ̀. Àpẹẹrẹ ni ìdajì àti ìdá mẹ́ta yẹn o. Inú ìwé tí ẹ kọ orúkọ àlejò sí lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ ti wá tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ibi tí àwọn òbí náà ń gbé. Ta ló máa gbé ọmọ ọdún mẹ́ta láti Àjáh wá sí Ẹgbẹ́dá láràárọ̀? Tí ẹ bá ń sanwó ìpolówó lórí Fesibúùkù, ẹ fi àmì sí iléèwé yín lójú máàpù, kí ẹ yan kìlómítà díẹ̀ yí i ká, kó kan Ṣàṣà, Ìdímù àti Dọ́pẹmú. Ní ti Wọ́sáàpù, wákàtí 24 péré ni Status ń lò, ẹni tó sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ló ń rí i. Àwọn tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Torí náà, ẹ bẹ àwọn òbí tó ti wà pẹ̀lú yín kí wọ́n gbé e sórí tiwọn. Aládùúgbò wọn lẹ ń wá.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ìbéèrè ti wá, ẹ lo ìlà yìí. Ẹ yọ òdo iwájú nọ́ńbà yín kúrò, kí ẹ fi ìyókù rọ́pò àwọn X:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Fesibuuku
```

Òbí tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí Fesibúùkù máa rí ọ̀rọ̀ yẹn tí a ti kọ sílẹ̀ dè é. Ó kàn máa fi ránṣẹ́ ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí èyí tí àwọn òbí yín máa pín.

Ibi tí omi ti ń jò jù wá nìyí: ta ló ń dáhùn? Òbí tó kọ̀wé sí yín ti lè kọ̀wé sí iléèwé méjì mìíràn. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan àti ti ẹni tó máa dípò rẹ̀ sínú ètò náà, kí èsì máa jáde láàárín wákàtí kan. Ẹ sọ gbogbo owó táàmù àkọ́kọ́, aṣọ àtìwé mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ọjọ́ parí èsì náà: "Mọ́mì, ṣé Ọjọ́rú ni ẹ máa lè wá wò ó, àbí Sátidé?"

Kí ẹ tó gbé fọ́tò ọmọ kankan jáde, kí òbí rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 fẹ́ kí òbí kọ́kọ́ gbà á láyè. Ẹ má sì fi orúkọ ọmọ tàbí àkókò tí wọ́n ń wá mú un sí i.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ka iye mẹ́ta: ẹni tó béèrè, ẹni tó wá, ẹni tó sanwó. Tí ìbéèrè kò bá pọ̀, ẹ tún ìpolówó ṣe. Tí wọ́n ń béèrè tí wọn ò wá, ẹ wo èsì tí à ń fún wọn. Tí wọ́n wá tí wọn ò sanwó, ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, géètì, iye owó, àti bí a ṣe kí wọn. Fesibúùkù kò lè bá yín tún ìyẹn ṣe o.

Àga wa kò ní ṣófo o.