Kí Àtẹ Tó Di Títẹ́: Bí A Ṣe Ń Dán Ìkànnì Ìtajà Wò



Ìyá kan tí ń ta aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ìlú ọmọ Ẹ̀bẹ̀dí, ránṣẹ́ pè mí nígbà kan pé ìkànnì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fẹ́ sọ òun di onígbèsè. Ó pàtẹ sányán kan ní 45,000 náírà. Oníbàárà rà á, ẹ̀rí ìsanwó sì wọlé, ṣùgbọ́n 450 náírà ni oníbàárà náà san. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ́ ìkànnì náà kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ, nítorí ó búra fún mi pé òun dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ó sì ń yọrí sí rere. Nígbà tí mo wo inú iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
"amount": 45000
```

Paystack ni wọ́n fi ń gba owó náà, kọ́bọ̀ ni Paystack sì fi ń ka owó, kì í ṣe náírà. Iye tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni 4500000. Ní ipò ìdánwò, níbi tí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣílẹ̀kùn ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `pk_test_` àti `sk_test_`, kò sí owó gidi tí ń kúrò lápò ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀rọ yóò sọ pé ìsanwó yọrí, ìbáà ṣe 450 ni o béèrè, ìbáà ṣe 45,000. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: iye tí a kọ sára bọ́tìnì ìsanwó ni kí olùdánwò kà, kí ó tó ka ọ̀rọ̀ ìkíni tí ń tẹ̀lé e.

Káàdì ìdánwò tí Paystack pèsè ni 4084 0840 8408 4081, tí CVV rẹ̀ jẹ́ 408, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí yòówù tí kò tíì kọjá. Káàdì yìí kì í kọ̀ fún ni, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí oníbàárà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé fún kọ́ ni ó ń tú àṣírí ìkànnì. Ẹ jẹ́ kí a lo káàdì ìdánwò tí ń kọ̀ pẹ̀lú, kí a wò ó bóyá ọjà ṣì wà nínú agbọ̀n oníbàárà. Lẹ́yìn náà kí a sanwó, kí a sì pa ojú ìwé náà dé kí ó tó dá wa padà sí ìkànnì, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá já. Bí ọ̀nà ìpadà nìkan ni ìkànnì gbára lé, owó yóò ti lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹnì kan ra aṣọ. Nítorí èyí ni Paystack fi ń rán ìránṣẹ́ tirẹ̀ wá tààrà, èyí tí a ń rí lójú ẹ̀rọ bí `webhook`, tí ń jíṣẹ́ `charge.success`. Bí ìkànnì kò bá dá ìránṣẹ́ náà lóhùn, yóò tún padà wá. Nítorí náà kí a rán iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí a rí i pé aṣọ kan ṣoṣo ni ìkànnì kọ sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́.

Nípa fọ́ọ̀mù, orúkọ wa ni mo fi ń dán an wò: bí “Ọláṣubọ̀mí” bá wọlé tí ó sì jáde pẹ̀lú àmì ìbéèrè láàárín, ibi tí a ń kó orúkọ pamọ́ sí kò gbọ́ Yorùbá. Àpótí nọ́ńbà fóònù náà a máa gbé òdo iwájú mì bí wọ́n bá kà á sí iye ìṣirò. Ní ti líǹkì, kí a tẹ gbogbo wọn, kí a sì wá èyí tí ó ṣì ń tọ́ka sí `localhost`: lórí ẹ̀rọ akọ́lé nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Chrome orí kọ̀ǹpútà kò sì tó láti fi ṣèdájọ́. Kí a wo Safari lórí iPhone, kí a wo fóònù Android kékeré tí dátà rẹ̀ ń fà, kí a má sì gbàgbé Opera Mini, tí ń fún ojú ìwé pọ̀ kí ó tó gbé e wá, tí ó sì lè mú kí fèrèsé ìsanwó má ṣí rárá.

Ó wá ku ọjọ́ tí a óò tún ìkànnì ìyá náà ṣí. A pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì padà sí `pk_live_` àti `sk_live_`, a sì tún kọ àdírẹ́sì `webhook` sí ipò gidi, nítorí àpótí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìdánwò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń gbàgbé èyí. Mo wá ní kí ìyá náà fi káàdì ara rẹ̀ ra gèlè kékeré kan ní 1,000 náírà gidi, torí pé ipò ìdánwò kò lè sọ fún wa bóyá nọ́ńbà àkáǹtì tí a kọ síbẹ̀ tọ̀nà. Ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì, báńkì fi 985 ránṣẹ́ sí i. Ó wo fóònù rẹ̀ títí, ó wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, náírà 15 mi dà?”