Bí Wọ́n Bá Ti Jí Páswọ́ọ̀dù Yín Kó, Èwo Lẹ Máa Kọ́kọ́ Pààrọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ nípàdé rèé, fún àwọn tí ò ráyè wá.

Ní ọdún 2012, àwọn olè wọlé sí LinkedIn, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń wáṣẹ́, wọ́n kó ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù àwọn èèyàn lọ. Ọdún 2016 ni ẹrù náà tó jáde sọ́jà lódindi: ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù 160. LinkedIn ti sọ àwọn páswọ́ọ̀dù náà di àmì tí ojú ò lè kà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ò lágbára. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ lè ní, "Mi ò tiẹ̀ lo LinkedIn mọ́, kí ló kàn mí?" Ohun tó kàn yín ni pé olè yẹn ò dúró sí LinkedIn. Á mú ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù kan náà, á fi gbìyànjú ilẹ̀kùn míì, Gmail, Facebook, ibi ìtajà. Ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe é, kì í rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 2012 yẹn náà, Dropbox jẹ́wọ́ pé páswọ́ọ̀dù tí wọ́n jí níbòmíì ni wọ́n fi wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́ àwọn kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá tiyín wà níbẹ̀? Ẹ lọ sí haveibeenpwned.com. Troy Hunt, ará Ọsirélíà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013. Ẹ tẹ ímeèlì yín síbẹ̀, ímeèlì nìkan. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú páswọ́ọ̀dù ímeèlì yín wá kóun tó lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, gbájúẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti jí tiyín, ẹ óò rí orúkọ iléeṣẹ́ náà, ọdún tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí wọ́n kó. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "Passwords" níbẹ̀. Bí kò bá sí, tó jẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n kó, kò sí páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ pààrọ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa pè yín lórúkọ bíi pé ó mọ̀ yín.

Ó wá yá. Ká sọ pé ẹ̀gbọ́n wa kan yẹ tiẹ̀ wò, ó rí LinkedIn, ó sì rí "Passwords". Adunni1984 ló lò níbẹ̀, òun náà ló sì ń lò fún Gmail, Facebook àti ibi tó ti ń rajà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ pààrọ̀ ti LinkedIn. Kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú.

Gmail ni àkọ́kọ́. Ìdí ni pé bẹ́ ẹ bá tẹ "Forgot password?" níbikíbi, inú ímeèlì ni wọ́n máa ń fi ọ̀nà àtiwọlé ránṣẹ́ sí. Bí olè bá ti wà nínú ímeèlì, tẹ́ ẹ pààrọ̀ ti Facebook láàárọ̀, á gbà á padà lọ́sàn-án. Bẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ti Gmail tán, ẹ wo "Your devices", kẹ́ ẹ lé fóònù tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ jáde. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ náà: síìmù tẹ́ ẹ ti pa tì, wọ́n lè ti tà á fẹ́lòmíì. Lẹ́yìn náà, ẹ tan "2-Step Verification", kí páswọ́ọ̀dù nìkan má tó wọlé mọ́.

Ìkejì ni ibikíbi tówó wà tàbí tẹ́ ẹ tọ́jú káàdì báńkì sí, tó bá jẹ́ Adunni1984 lẹ lò níbẹ̀. Fún ẹ̀gbọ́n wa, ibi ìtajà yẹn ni. Ìkẹta ni Facebook, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí. LinkedIn ló máa kẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Adunni1984 di Adunni1985. Ẹ̀rọ wọn mọ ìyẹn. Kí ibi kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Bó bá pọ̀ jù fún yín láti rántí, kíkọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ tì mọ́ àpótí nílé sàn ju lílo ẹyọ kan káàkiri.

Ó ku ẹyọ kan. Bí haveibeenpwned.com bá ní òun ò rí tiyín, èyí tó dé ọwọ́ wọn ló ń sọ. Ẹrù tí wọ́n jí tí kò tíì jáde sọ́jà, wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Torí náà, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá sì gba ímeèlì tó ní "wọ́n ti jí tiyín, tẹ ibí yìí", ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì náà.

Ẹni tí ò bá yé kó béèrè nínú gúrúùpù, ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀ o.