Pọ́ńpù Mélòó Ni Oko Yín Ń Gbà?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ lọ́wọ́ bí ẹ ti ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ oògùn apakoríko la fẹ́ jọ sọ lónìí. Ẹ má ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn o. Ta ló ń mú owó sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ra oògùn náà? Ta ló ń fọ aṣọ tí ọmọ wọ̀ fọ́n ọn? Ta ló ń já ẹ̀fọ́ létí oko wá sínú ọbẹ̀? Ẹ̀yin náà ni.

Ìyá kan tó ní oko lọ́nà Kábúà ló wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a fọ́n oògùn kí wọ́n tó gbin àgbàdo. Nígbà tí ọmọ náà dé lálẹ́, ẹ̀yìn ń ta á, ojú rẹ̀ pọ́n, èébì sì ń gbé e. A tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi ìyá rẹ̀ pé:

"Ìyá, báwo lẹ ṣe wọn oògùn náà?"

Ó ní: "Tantí nọ́ọ̀sì, agolo tòmátò mẹ́fà ni fún pọ́ńpù kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni aládùúgbò wa ń ṣe."

Mo ní kí ó lọ mú irú agolo náà wá. A fi omi wọ̀n ọ́n, ó gba mílílítà 70. Mẹ́fà rẹ̀ á jẹ́ mílílítà 420. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ẹ wo ara bídọ́ọ̀nù oògùn. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n sí. Lára tìyá yìí, ohun tí wọ́n kọ ni 3 L/ha. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lítà 3 oògùn ni kí ẹ lò fún hẹ́kítà kan. Hẹ́kítà kan ni ilẹ̀ tó gùn ní mítà 100, tó sì fẹ̀ ní mítà 100. Kanti tiwa, tó jẹ́ mítà 20 lóròó àti mítà 20 níbùú, 25 rẹ̀ ló ń jẹ́ hẹ́kítà kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ ni ìwé náà ń bá wí. Kò sọ iye tí ẹ ó rọ sínú pọ́ńpù, kò sì lè sọ ọ́, torí kò mọ iye pọ́ńpù tí ilẹ̀ yín máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní iyọ̀ ṣíbí mẹ́ta ló tó ìkòkò ńlá kan. Bí igbá omi mẹ́wàá bá kún ìkòkò náà, tí ẹ sì fẹ́ po iyọ̀ mọ́ omi kí ẹ tó dà á sí i, ẹ ó pín ṣíbí mẹ́ta yẹn sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ogún igbá kéékèèké ló kún un, ọ̀nà ogún lẹ ó pín in sí. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n iyọ̀ igbá ńlá sínú igbá kékeré, ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní ṣeé fẹnu kàn. Ilẹ̀ ni ìkòkò, pọ́ńpù ni igbá.

Báwo la ṣe máa mọ iye pọ́ńpù tí hẹ́kítà kan ń gbà? Omi lásán la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi oògùn kankan sí i. Èmi àti ìyá náà lọ sóko pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, a sì ṣe é báyìí.

A ti mú ọ̀pá mítà tí àwọn aláṣọ ń lò lọ́jà, a fi wọn okùn kan tó gùn ní mítà 10. A fi okùn náà wọn ilẹ̀ kan lóko, mítà 10 lóròó, mítà 10 níbùú, a kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A da omi mímọ́ sínú pọ́ńpù títí ó fi dé ibi tí wọ́n fàlà sí, lítà 16. Ọmọ náà gbé e kọ́ ẹ̀yìn. A ní kó fọ́n gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín èèkàn náà bó ṣe máa ń fọ́n oògùn gan-an, kó má yára jù, kó má sì falẹ̀ jù torí pé à ń wò ó. Ó fọ́n ọn tán. A gbé pọ́ńpù sílẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a sì fi ìgò tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ da omi padà sínú rẹ̀ títí ó fi tún dé ojú àlà. Lítà 2 ló gbà. Lítà 2 náà ni ọmọ yìí fọ́n sórí ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10.

Irú ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ 100 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Lítà 2 lọ́nà 100 jẹ́ lítà 200. Pọ́ńpù lítà 16 mélòó ló máa gbé lítà 200? Méjìlá àti ààbọ̀ ni. Ó kù ká pín lítà 3 oògùn, ìyẹn mílílítà 3000, sí ọ̀nà méjìlá àti ààbọ̀. Ohun tó kan pọ́ńpù kan ni mílílítà 240. Pọ́ńpù kan yóò sì tó kanti méjì géérégé.

Ṣé ẹ rántí agolo mẹ́fà? Mílílítà 420 nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé 240 ló yẹ. A wọn oko ìyá náà. Ó jẹ́ mítà 80 lóròó àti mítà 60 níbùú, kanti 12. Pọ́ńpù mẹ́fà péré ló gbà. Mẹ́fà lọ́nà 240 jẹ́ mílílítà 1440, kò tó lítà kan àtààbọ̀. Àmọ́ ohun tí ọmọ náà rọ lé e lọ́jọ́ náà ju lítà méjì àtààbọ̀ lọ. Lítà kan ó lé tó ṣẹ́kù, owó yín ni, ilẹ̀ yín ni, ẹ̀yìn ọmọ yín ni.

Omi lásán yẹn tún fi nǹkan mìíràn hàn wá. Nígbà tí ọmọ náà sọ pọ́ńpù kalẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti rin. Ìdérí pọ́ńpù ń jò! Omi ló jò sí i lára lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ lọ́jọ́ oògùn, oògùn líle ló ń jò sí i láti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń ta á. Bí pọ́ńpù bá ń jò, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi oògùn sí i.

Aládùúgbò tí wọ́n wo ìṣe rẹ̀ ńkọ́? A bẹ̀ ẹ́, òun náà fọ́n omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀, ihò kékeré tí omi ń gbà fọ́n jáde lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ sì ti gbó, ó ti fẹ̀. Lítà 4 ló lò lórí mítà 10 sí mítà 10. Tirẹ̀ á jẹ́ lítà 400 fún hẹ́kítà kan, pọ́ńpù 25. Bí a bá pín lítà 3 sí 25, mílílítà 120 ló yẹ kó rọ sínú pọ́ńpù kan. Bó bá rọ 240 bíi ti ọmọ wa, lítà 6 ló máa fi sórí hẹ́kítà, ìlọ́po méjì ohun tí ìwé sọ. Oògùn kan náà, pọ́ńpù kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe yá ìwọ̀n ẹlòmíràn lò. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹni tó ń fọ́n ọn, tàbí pọ́ńpù, tàbí ẹnu ọ̀pá rẹ̀, ẹ tún fi omi dán an wò.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ kan èèkàn sí òpin kanti méjì-méjì, fún ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ rí bíi ti ọmọ yìí. Pọ́ńpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tán nítòsí èèkàn. Bó bá tán kó tó débẹ̀, oògùn ti ń pọ̀ jù lórí ilẹ̀. Bó bá kọjá èèkàn kó tó tán, oògùn kò tó, koríko á tún hù, wọ́n á sì tún fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì. Bí oko bá jẹ́ kanti 13, pọ́ńpù mẹ́fà àtààbọ̀ ni. Kí ìkẹyìn jẹ́ lítà 8 omi pẹ̀lú mílílítà 120 oògùn. Ẹ má po odindi, torí ibi tí wọ́n ń da ìyókù sí ni odò àti ẹ̀bá kànga.

Kí lẹ ó fi wọn mílílítà 240? Ẹ ra kọ́ọ̀pù oníàmì, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ pọ́ńpù kó má bàa wọ ilé ìdáná. Ẹ má lo ìgò oúnjẹ ọmọ, bó tilẹ̀ ní àmì. Ẹ má lo agolo, torí agolo oògùn lónìí lè di agolo iyọ̀ lọ́la. Bídọ́ọ̀nù tó ti ṣófo pàápàá, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi rẹ̀ sínú pọ́ńpù, kí ẹ sì lu ú ní ihò. Kì í ṣe ohun tí a fi ń ta epo.

Bí òṣùwọ̀n ti rí fún oògùn koríko ló rí fún ti kòkòrò, èyí sì tún burú jù. Ní ọdún 1999, nígbà tí àwọn olóko òwú ní Bọ́gú lókè lọ́hùn-ún ń lo oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní ẹndosúlfáànù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mú un jẹ láìmọ̀, àwọn kan sì kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọdún 2011 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan nínú àdéhùn Sitọ́kọ́ọ̀mù pé kí wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀.

Bí ẹni tó fọ́n oògùn bá ń làágùn ṣáá, tó ń da itọ́, tó ń bì, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú bídọ́ọ̀nù náà dání kí dókítà lè ka orúkọ oògùn lára rẹ̀.

Ìyá ọlọ́nà Kábúà ti kọ tirẹ̀ sára ògiri: pọ́ńpù mẹ́fà, 240. Kí lẹ ó kọ sára tiyín?