Fọ́tò Ẹnu Ẹ̀rọ Kò Tó: Ẹ̀rí Tó Yẹ Ká Gbà Ká Tó Sanwó Bọhóòlù

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ àkànṣe sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rí tí ó yẹ kí a máa rí kí a tó sanwó iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, àmọ́ bọhóòlù nìkan ni mo fẹ́ mú, nítorí òun ni iṣẹ́ tí ojú kì í rí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán.

Ẹ wò ó ná. Tí wọ́n bá kọ́ kíláàsì, tí wọn ò kan òrùlé rẹ̀ dáadáa, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rí i. Bọhóòlù ò rí bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun tó sì máa ń wọlé sórí gúrúùpù ni fọ́tò ẹnu ẹ̀rọ: omi ń dà, ọmọdé méjì ń rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà wọ agbádá. Gbogbo wa á kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò yẹn dára fún ìrántí o. Ṣùgbọ́n kò sọ bí ihò náà ṣe jìn tó, kò sọ iye páìpù tó wà nínú rẹ̀, kò sì sọ bóyá omi yẹn á ṣì máa jáde nínú oṣù Kejì tí ilẹ̀ bá gbẹ.

Ìdí tí jíjìn ihò fi ṣe pàtàkì ni pé púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, orí àpáta ló wà. Omi ń gbé inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà lórí, ó sì tún ń gbé inú àwọn ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti sán nísàlẹ̀. Tí agbaṣẹ́ṣe bá dúró sí inú ilẹ̀ rírọ̀, tí ó bá jẹ́ ìgbà òjò ni, omi á jáde, gbogbo ayé á sì pàtẹ́wọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó wà lókè yẹn á fà lọ sísàlẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́. Nígbà yẹn, owó ti lọ, agbaṣẹ́ṣe náà ti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ti jíjìn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mítà 60 ni a kọ sínú ìwé àdéhùn. Ọ̀pá irin ni ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ń tì wọlé, tí ọ̀kan bá wọlẹ̀ tán, wọ́n á so òmíràn mọ́ ọn lórí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ṣojú wa á tẹ́ téèpù ìwọ̀n sí ara ọ̀pá kan, á sì ya fọ́tò rẹ̀ kí nọ́ńbà téèpù hàn. Ká ní mítà 3 ni ọ̀pá kan, ó túmọ̀ sí pé ọ̀pá 20 gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Ẹ wọn orí tó ń fọ́ àpáta náà mọ́ ọn, nítorí òun náà ní gígùn tirẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tó bá ṣẹ́kù sókè ilẹ̀ lára ọ̀pá tó gbẹ̀yìn. Kó tó di pé wọ́n gbẹ́, ya fọ́tò gbogbo ọ̀pá tó wà lórí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ tán, kí wọ́n tó fa ìkankan jáde, ya èyí tó kù lórí ọkọ̀. Ohun tó dín nínú fọ́tò kejì ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò gba ìmọ̀ ẹnjiníà?

Tí wọ́n bá ti fa ọ̀pá jáde, okùn ló kù. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ ta kókó sí i ní mítà márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì ya kókó méjì pẹ̀lú téèpù kí ẹnikẹ́ni má bàa ní irọ́ ni. Kí ẹni tó ń ya fídíò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tàbí ohun mìíràn tí gbogbo wa mọ̀, kó rìn dé ibi ihò láìdá fídíò dúró, kó sì máa ya á bí okùn ṣe ń wọlé, títí tí okùn á fi dẹ̀. Tí okùn bá ka 58 dípò 60, ìyẹn kì í ṣe ìjà, eruku àpáta máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀. Tí ó bá ka 41, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ àlàyé. Ihò lè ya nínú lóòótọ́. Àmọ́ ìgbà tí ihò ṣì ṣí sílẹ̀ ni kí a bi wọ́n.

Ti páìpù ò ní gùn. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀, ẹ ya gbogbo wọn pọ̀ nínú fọ́tò kan kí iye wọn ṣeé kà, kí ẹ fi rìsíìtì ẹni tó tà á sí i. Iye inú fọ́tò àti iye inú rìsíìtì gbọ́dọ̀ bára mu, kí ẹ sì tún kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé, nítorí páìpù lè wà lórí ilẹ̀ lówùúrọ̀ kó bá ọkọ̀ padà lálẹ́.

Ibi tí a ti máa ń jìn sí kòtò jù ni fídíò omi. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, omi á tú yàà, fídíò ìṣẹ́jú méjì, ó tán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6 ń gba nǹkan bíi lítà 18 sínú mítà kọ̀ọ̀kan. Tí omi bá ti kún mítà 40 nínú rẹ̀, nǹkan bíi lítà 720 ló ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tan pọ́ọ̀ǹpù rárá. Tí pọ́ọ̀ǹpù bá ń fa lítà kan ní sẹ́kọ́ǹdì kan, omi tó ti jókòó síbẹ̀ yẹn nìkan lè tó o fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, kódà tí ilẹ̀ ò bá fi ẹ̀kán omi kan kún un. Ṣé ẹ rí i? Fídíò ìṣẹ́jú méjì ń sọ fún wa pé ihò náà lómi lónìí. Kò sọ pé ilẹ̀ ń fún un lómi.

Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n tan pọ́ọ̀ǹpù fún wákàtí púpọ̀ láìpa á. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹlòmíràn gbé fóònù tó ń ka sẹ́kọ́ǹdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì wà nínú fídíò kan náà. Tó bá kún ní sẹ́kọ́ǹdì 25, lítà kan ni sẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹ tún ṣe é lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn méjì, títí dé ìparí. Tí kẹ́ẹ̀gì tó kún ní sẹ́kọ́ǹdì 25 láàárọ̀ bá ń gba 70 ní ọ̀sán, omi náà ń sá lọ nìyẹn, bí ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ló ń sọ fún wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló dára jù láti ṣe àyẹ̀wò yìí. Tí iṣẹ́ bá bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀rí tí a ní ò lágbára tó ti oṣù Kẹta, bó ti wù kí fídíò náà mọ́ kedere.

Ó ku bí a ṣe ń fi ránṣẹ́. Fọ́tò tí kámẹ́rà yà máa ń pa ọjọ́, aago àti irú fóònù mọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ń pa ibi tí a ti yà á mọ́ tí ẹ bá ti gba kámẹ́rà láyè níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bíi Location sí. Tí ẹ bá fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù bí a ṣe ń fi ti ìkómọ ránṣẹ́, Wáàsáàpù á fún un pọ̀, á sì yọ gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn dànù. Nọ́ńbà téèpù á di ṣíṣú, ọjọ́ á pòórá. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: ẹ tẹ àmì tí ẹ fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan Document, kì í ṣe Gallery, kí ẹ wá mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Á lọ odindi bó ṣe wà. Fídíò gígùn máa ń jẹ dátà gan-an, mo mọ̀. Ẹ lè fi èyí tí Wáàsáàpù fún pọ̀ ránṣẹ́ kí a kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ẹ má pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé á gbé e wá lórí fúláàṣì.

Kí n má sì tan yín jẹ: àkọsílẹ̀ inú fọ́tò ṣeé yí padà, fóònù tí aago rẹ̀ ò tọ́ sì máa purọ́ láìmọ̀. Ọjọ́ tí àwọn áàpù kan máa ń tẹ̀ sójú fọ́tò ò lágbára rárá, ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi páálí kan, tí ẹ kọ ọjọ́ àti iṣẹ́ sí, sínú fọ́tò, pẹ̀lú ohun kan tí a mọ̀ ládùúgbò. Tí ẹ bá rí i tí Wáàsáàpù kọ Forwarded sórí ohun tí ẹnìkan ní òun yà, ẹ bi í léèrè ẹni tó fún un. Kì í ṣe pé olè ni o, a kàn fẹ́ mọ ọwọ́ tí fọ́tò ti jáde.

Bàbá kan bi mí léèrè pé ṣé àwọn agbaṣẹ́ṣe ò ní bínú pé a ò fọkàn tán wọn. Tí a bá gbé okùn dé lọ́jọ́ iṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á bínú, wọ́n sì jàre. Inú ìwé àdéhùn ló yẹ kó wà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kúrò nílé: apá owó kan lẹ́yìn fídíò okùn, apá kan lẹ́yìn páìpù, ìyókù lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì ìkẹyìn. Agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ mítà 60 lóòótọ́ ni ẹ̀rí yìí ń gbè jù, nítorí tí omi bá dín lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lè ní mítà 40 ló gbẹ́.

Ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, nítorí fóònù ń sọnù. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá yàn láti dúró ti iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lówó dátà, téèpù gígùn kan àti okùn mítà 70 kí ọkọ̀ tó wọ̀lú.