Ibi Tí Kòkòrò Táífọ́ọ̀dì Ń Sá Pamọ́ Sí, àti Ìdí Tí Wídáàlì Kì Í Fi Í Rí I



Ẹni tó bá rin ojú títì Àgbádárìgì láti Ìyànà Ìbà dé Okokomáíkò á rí pátákó láàbù tí wọ́n kọ màláríà àti táífọ́ọ̀dì sí pa pọ̀, bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Ibà mú èèyàn, ó wọlé, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fún un ní ìwé tí wọ́n kọ 1/160 sí. Ó délé, ó ní táífọ́ọ̀dì òun ti di pílọ́ọ̀sì méjì. Wídáàlì ni orúkọ àyẹ̀wò yẹn. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ìwé náà kò sọ ohun tí a rò pé ó sọ. Láti mọ ìdí rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí kòkòrò náà ń gbé nínú ara.

Sàmónẹ́là Táífì ni wọ́n ń pè é. Karl Eberth, ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1880. Ní 1884 ni Georg Gaffky gbìn ín nínú láàbù tó sì hù. Ara ènìyàn nìkan ni ilé rẹ̀. Kì í gbé inú ewúrẹ́, kì í gbé inú adìẹ. Ìyẹn ni pé táífọ́ọ̀dì tó bá mú ẹnikẹ́ni, inú ìgbẹ́ ẹlòmíràn ló ti jáde kó tó bá omi tàbí oúnjẹ wọ ẹnu onítọ̀hún. Ní agbègbè wa tí ilẹ̀ jẹ́ yanrìn, tí omi kò jìn nísàlẹ̀, tí kànga àti ṣálángá sì máa ń wà nínú ọgbà kan náà, ìrìn yẹn kò gùn.

Bí a bá gbé e mì, ó máa ń dé ìfun kékeré, á sì la ara ìfun kọjá. Lẹ́yìn ara ìfun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ṣọ́nà, makiroféèjì ni orúkọ wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé àjèjì mì kí wọ́n sì pa á. Inú àpò kékeré kan ni makiroféèjì ń kó ohun tó bá gbé mì sí. Àpò náà á kan fún ásíìdì, lẹ́yìn náà àwọn àpò mìíràn tó kún fún èròjà apakòkòrò á wá lẹ̀ mọ́ ọn, wọn á sì tú ẹrù wọn sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ló ń kú síbẹ̀.

Ti Sàmónẹ́là yàtọ̀. Ásíìdì yẹn gan-an ló fi ń mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ. Bí àyíká rẹ̀ bá ti kan, tí magineṣíọ̀mù sì ti wọ́n níbẹ̀, ó máa ń jí àwọn jíìnì kan tó ti wà ní oorun dìde. Àwọn kan ń tún awọ ara rẹ̀ ṣe kí èròjà apakòkòrò má baà rí i gún. Àwọn kan ń kọ́ ohun èlò tín-ín-rín tó gún ògiri àpò náà jáde. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń ti pùròtéènì tirẹ̀ sínú makiroféèjì. Pùròtéènì wọ̀nyí ló ń da ìrìnnà inú sẹ́ẹ̀lì rú, tí àwọn àpò tó gbé èròjà apani kì í fi í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ibi tó yẹ kó kú sí ló ti ń bí sí i. Mo ní láti fi kún un pé púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ni a rí nípa wíwo ìbátan rẹ̀, Sàmónẹ́là Taifimúríọ̀mù, nínú ara eku, nítorí pé Táífì fúnra rẹ̀ kì í ṣe eku ní àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní ìbora ṣúgà kan tí à ń pè ní Fí-áì, èyí tó ń bo ojú ara rẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara má baà tètè pariwo. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 7 sí 14 fi sábà máa ń kọjá kí ibà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, makiroféèjì tó yẹ kó pa á ló ń gbé e kiri: ó ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, ó ń gbé e lọ sí mùdùnmúdùn inú egungun, láti ẹ̀dọ̀ ni ó sì ti ń dé àpò òróòro.

Nígbà tí ara bá wá gbóná tán, ẹ lè rò pé ẹ̀jẹ̀ á kún fún kòkòrò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹyọ kan péré ni a sábà máa ń rí, nígbà mìíràn kì í tó ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Nínú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo Wídáàlì. Ní 1896, ní Páríìsì, Fernand Widal fi hàn pé bí a bá fi omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní táífọ́ọ̀dì kan kòkòrò náà, kòkòrò á ṣù pọ̀. Áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń ṣù wọ́n. Títí di òní, ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wò nìyẹn: kì í wo kòkòrò, áńtíbọ́dì ló ń wò. 1/160 túmọ̀ sí pé a fi omi la ẹ̀jẹ̀ náà ní ìlọ́po 160, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣù wọ́n pọ̀. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn ẹni tó ní 1/160 le ju ti ẹni tó ní 1/80 lọ. Ipasẹ̀ olè lórí iyẹ̀pẹ̀ ni áńtíbọ́dì: ó lè jẹ́ ti àná, ó lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ó sì lè jẹ́ ti aládùúgbò tó kàn ń kọjá lọ.

Ti aládùúgbò yìí ṣe pàtàkì. Lára ohun tí Wídáàlì ń lò ni èròjà kan tí à ń pè ní Ó, tó wà lára awọ kòkòrò. Sàmónẹ́là Ẹntẹrítídíìsì, tí kì í fa táífọ́ọ̀dì, ní irú èròjà yẹn gan-an lára. Ẹni tí èyí ti bá jà rí lè ní áńtíbọ́dì tó ń ṣù kòkòrò pọ̀ láìní táífọ́ọ̀dì. Màláríà pẹ̀lú máa ń ru ara sókè tó fi ń tú oríṣiríṣi áńtíbọ́dì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni áńtíbọ́dì kì í tètè lọ lẹ́yìn ìwòsàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé táífọ́ọ̀dì kì í tán lára àwọn: wọ́n lo oògùn, ara yá, wọ́n tún ṣe Wídáàlì, ó tún jáde, wọ́n tún ra oògùn. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí táífọ́ọ̀dì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí ibà rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, lè má tíì ní áńtíbọ́dì tó pọ̀ tó, wọ́n á sì ní kò ní nǹkan kan. Ohun tó lè fún Wídáàlì lágbára díẹ̀ ni ká fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ 10 sí 14 wà láàárín wọn, ká wò ó bóyá iye náà ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ibà jókòó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ìwádìí. Ká ní àwọn oníbà 100 wọ láàbù kan, kí 5 nínú wọn ní táífọ́ọ̀dì lóòótọ́. Ká ní Wídáàlì mú 4 nínú àwọn 5 náà, kó sì ṣi 24 mú nínú àwọn 95 tó kù. Ènìyàn 28 ló máa gba ìwé pé táífọ́ọ̀dì ni. Mẹ́rin péré ló ní in. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà wà lára àwọn 24 yẹn, tó sì jẹ́ màláríà ló ń bá a jà. Wọ́n fún un ní oògùn màláríà àti ti táífọ́ọ̀dì pọ̀. Ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ yá. Ó gbà pé táífọ́ọ̀dì ló lọ, ó sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká.

Àyẹ̀wò kejì ni èyí tí a ti ń gbin kòkòrò, tí àwọn oníláàbù ń pè ní kọ́ọ́ṣọ̀. Eléyìí kì í béèrè ipasẹ̀, kòkòrò fúnra rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iye tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹyọ kòkòrò kan bá wà nínú mílílítà méjì, tí a sì fa mílílítà méjì péré, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan bọ́ sí i, ó sì ṣeé ṣe kó má sí rárá. Bí a bá fa mílílítà 10, a ní ìrètí márùn-ún. Nítorí náà ni a fi ń fa mílílítà 10 lára àgbàlagbà. Ti ọmọdé kì í tó bẹ́ẹ̀. Ká tó gbé oògùn àkọ́kọ́ sẹ́nu ló yẹ ká fà á, nítorí oògùn díẹ̀ láti kẹ́mísì ti tó láti pa ìwọ̀nba tó wà lójú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà nínú egungun ṣì wà láàyè.

A ó nu awọ ara mọ́ dáadáa, a ó da ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò omi oúnjẹ kòkòrò tó tó mílílítà 50 sí 100, kí agbára ẹ̀jẹ̀ láti pa kòkòrò lè dínkù. A kì í gbé ìgò náà sínú fíríìjì. Oríṣi omi kan wà tí wọ́n fi òróòro màlúù sí: òróòro ń tú sẹ́ẹ̀lì funfun ká kí kòkòrò inú wọn lè jáde, kò sì ṣe Sàmónẹ́là Táífì ní nǹkan kan, nítorí pé àpò òróòro wa jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó ti mọ̀ọ́ gbé. Ìgò á wà nínú ooru bíi ti ara, ìwọ̀n 37, fún ọjọ́ bíi méje. Bí omi rẹ̀ bá dà rú, a ó tẹ́ ẹ sórí àwo Makọ́nkì. Kòkòrò táífọ́ọ̀dì kì í lo ṣúgà wàrà, nítorí náà kì í pọ́n lórí àwo yẹn. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi omi áńtíbọ́dì tí a mọ̀ dájú dán an wò. Nígbà mìíràn ìbora Fí-áì máa ń bo èròjà Ó mọ́lẹ̀ tí kò fi ní ṣù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á se é kó hó, á sì tún dán an wò.

Kọ́ọ́ṣọ̀ ní àbùkù tirẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní táífọ́ọ̀dì lóòótọ́, nǹkan bíi mẹ́fà ló ń mú. Nítorí náà, bó bá ní kò sí, dókítà tó rí àmì tó lágbára, bíi ìfun tó ti lu, kò gbọdọ̀ dúró dè é. Àyẹ̀wò mùdùnmúdùn egungun ń mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń dùn ènìyàn, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe fún gbogbo oníbà. Àmọ́ bí kọ́ọ́ṣọ̀ bá ní ó wà, ó wà.

Ó tún ń ṣe ohun kan tí Wídáàlì kò lè ṣe láé: kòkòrò tó wà lọ́wọ́ ni a lè fi oògùn dán wò. Ní 2005 àti 2007, K. O. Akinyẹmi ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ níbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí Sàmónẹ́là tí wọ́n gbìn láti ara àwọn aláìsàn ní Èkó. Wọ́n rí èyí tó ti kọ ọ̀pọ̀ oògùn àtijọ́, wọ́n sì rí i pé agbára àwọn oògùn ìdílé sípírófúlọ́sásìn ti ń dínkù lórí àwọn kan. Níbí náà, ibùgbé kòkòrò ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ. Lórí àwo, jẹntamáísìn lè pa Sàmónẹ́là Táífì kíákíá. Nínú ara, oògùn yẹn kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì dáadáa, kì í sì í dé àpò tí kòkòrò wà, nígbà tí asitirómáísìn ń wọlé tó sì ń kó jọ síbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi kọ jẹntamáísìn sórí ìwé àbájáde táífọ́ọ̀dì, bí kòkòrò tilẹ̀ kú lórí àwo níṣojú wọn.